Lẹ́tà olùkọ́ mi lórí ọ̀pá oníṣáájì: kọ́kọ́ wo símẹ́tírì kí o tó kọ fọ́múlà

Akẹ́kọ̀ọ́-Ọdún-Kejì kọ̀wé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò lórí ṣáájì tó dúró sójú kan. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì nìyí:

«Ọ̀pá oníke tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ṣáájì 4 nC wà lára rẹ̀, ó sì tẹ́ dọ́gba láti orí dé ìdí. Wọ́n ní kí n wá pápá iná ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, ní ọ̀gangan àárín rẹ̀, ní ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí i. Mo lo òfin Gauss, mo rí 3600 N/C, wọ́n sì fagi lé e. Òfin yẹn kan náà ni ẹ kọ́ wa. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ níbí?»

Wọ́n fún mi láyè kí n gbé èsì wọn síbí. Mo lóye apá kan rẹ̀, apá kan sì ṣì ń rú mi lójú.

«Akẹ́kọ̀ọ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé ìdáhùn rẹ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú ìsọdipúpọ̀ rẹ tàbí nínú pínpín rẹ. Ìlà kejì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, níbi tí o ti ya sílíńdà yí ọ̀pá náà ká, tí o sì kọ E × 2πrL láìkọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá iye kan náà ni E jẹ́ ní gbogbo ara sílíńdà yẹn.

Nígbà tí o bá tún pàdé irú ìbéèrè yìí, fi bírò sílẹ̀ ná. Fojú inú wo ẹnì kan tó dijú, tí ìwọ sì ṣe nǹkan kan sí ọ̀pá náà kó tó lajú: bóyá o yí i, bóyá o sún un, bóyá o fi àwòrán rẹ̀ tó wà nínú dígí rọ́pò rẹ̀. Bí ẹni náà bá lajú tí kò lè mọ̀ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan, símẹ́tírì ọ̀pá náà ni ohun tí o ṣe yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé ṣáájì ara ọ̀pá yẹn nìkan ló ń dá pápá náà sílẹ̀, pápá náà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ yí padà. Pierre Curie ti fi èyí lélẹ̀ ní ọdún 1894: símẹ́tírì tó bá wà nínú okùnfà gbọ́dọ̀ hàn nínú ohun tí ó fà.

Jẹ́ kí a fi ọ̀pá tí kò lópin bẹ̀rẹ̀, nítorí fọ́múlà tirẹ̀ ni o yá lò láìmọ̀. Mú ibì kan níta ọ̀pá náà, kí o pè é ní P. Apá mẹ́ta ni pápá tó wà ní P lè ní: èyí tó ń sá kúrò lára ọ̀pá tààrà, èyí tó ń bá ọ̀pá rìn ní gígùn rẹ̀, àti èyí tó ń yí ọ̀pá po bí òrùka. Wàyí o, fojú inú na okùn kan láti P lọ bá ọ̀pá náà ní ọ̀nà tó kúrú jù lọ, kí o wá fi okùn yẹn ṣe ìdí ìyípo, kí o yí ọ̀pá àti pápá rẹ̀ ní ìdajì òbírí. Ọ̀pá náà padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló kàn di ọwọ́ ọ̀tún. P kò kúrò lójú kan. Apá pápá tó ń sá kúrò lára ọ̀pá kò yí padà, nítorí orí okùn náà gan-an ni ó wà, ṣùgbọ́n apá méjì yòókù ti kọjú sí òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó dijú kò mọ nǹkan kan, nítorí náà pápá kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ohun tó bá dọ́gba pẹ̀lú òdì ara rẹ̀, òdo ni. Apá méjì ti kúrò nílẹ̀, a kò sì tíì kọ ìlà ìṣirò kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí, sún ọ̀pá aláìlópin náà síwájú ní gígùn rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Yí i lójú kan bí a ṣe ń yí pẹ́ńsù láàárín ìka: ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Nítorí náà, bí P ṣe jìnnà sí ọ̀pá tó, tí a pè ní r, nìkan ni iye pápá náà lè gbára lé. Ìgbà yìí gan-an ni sílíńdà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò, nítorí pé iye kan náà ni E jẹ́ lára rẹ̀ yíká, ó sì ń gba ara rẹ̀ jáde ṣánṣán, nígbà tí ohunkóhun kò gba ojú méjèèjì tó dí i lórí àti nídìí kọjá. Ìyẹn ló fún wa ní ẹ̀tọ́ láti kọ E = λ/(2πε₀r).

Padà sórí ọ̀pá tìrẹ. Sún un ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹni tó dijú yóò mọ̀, nítorí ibi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. Sísún ti kúrò nínú símẹ́tírì rẹ. Yíyí lójú kan ṣì wà. Yíyí ìdajì òbírí ṣì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fún P tó bá wà ní ọ̀gangan àárín ọ̀pá nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé o mọ ìhà tí pápá kọjú sí ní ibi tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n o kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iye kan náà ni ó jẹ́ ní ara sílíńdà láti orí dé ìdí. Òfin Gauss kò purọ́ fún ọ. Ó ní àròpọ̀ ohun tó ń ṣàn jáde láti inú sílíńdà náà jẹ́ 4 nC/ε₀, èyí tó tó 452 N·m²/C, òótọ́ sì ni. Ìwọ ni o pín in dọ́gba fún ara sílíńdà, tí o sì gbàgbé pé apá kan ń gba ojú méjèèjì jáde.

Símẹ́tírì tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ohun àdánù. Nígbà tí o ti mọ̀ pé apá tó ń sá kúrò lára ọ̀pá nìkan ló wà, o lè gé ọ̀pá náà sí wẹ́wẹ́, kí o ro apá yẹn nìkan pọ̀ láti ara ègé kọ̀ọ̀kan, láìda ara rẹ láàmú lórí apá yòókù. Ohun tí o máa rí ni E = kQ/(r√(r² + L²/4)), ìyẹn 2546 N/C ní sẹ̀ǹtímítà 10.

Wá fi ibi méjì dán fọ́múlà méjèèjì wò. Ní sẹ̀ǹtímítà 1, tìrẹ sọ pé 36 000 N/C, èyí tó tọ́ sọ pé 35 821. Ẹni tó sún mọ́ ọ̀pá tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó lópin. Ní mítà 2, tìrẹ sọ pé 180 N/C, èyí tó tọ́ sọ pé 8.99. Ẹni tó dúró ní mítà 2 ń wo ọ̀pá kékeré yìí bí ẹ̀kán kan lásán ni, pápá ẹ̀kán 4 nC ní mítà 2 sì jẹ́ 9 N/C. Ìdáhùn tó bá fi ìlọ́po ogún ju ti ẹ̀kán lọ ní ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn pé kò tọ́.

Kí a tó pàdé, gbé P kúrò ní àárín, kí o fi sí ọ̀gangan orí ọ̀pá kan náà, ní sẹ̀ǹtímítà 10. Kọ́kọ́ kọ símẹ́tírì tó kù sílẹ̀ fún mi, lẹ́yìn náà ni kí o ṣe ìṣirò.»

Ìlànà-Mẹ́ta kọ̀wé:

Olùkọ́ yẹn ti fa ọ̀rọ̀ gùn jù fún ẹni tó ń múra ìdánwò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni pé òfin Gauss jẹ́ òótọ́ fún nǹkan mẹ́ta péré: bọ́ọ̀lù, ọ̀pá aláìlópin àti pẹpẹ aláìlópin. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, òfin náà kò jẹ́ òótọ́ mọ́, kí ẹ yáa gba ìdí íńtígírà lọ. Ní ti ìdajì òbírí yẹn pẹ̀lú, n kò rí ohun tí wọ́n ń wá. Ọ̀pá rí bákan náà yíká, nítorí náà pápá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sá kúrò lára rẹ̀ tààrà. Gbólóhùn kan ti tó.

Àgbà-Yàrá-Àyẹ̀wò kọ̀wé:

Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà-Mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn dára fún ẹni tó ń sáré, ṣùgbọ́n gbólóhùn yín méjì ni n kò lè jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Èkíní, òfin náà kì í ṣàì jẹ́ òótọ́ nígbàkúgbà. Ẹ fi ẹ̀kán ṣáájì kan sí àárín àpótí tí ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Àpótí náà kò sí lára nǹkan mẹ́ta yín, síbẹ̀ mo lè sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé q/(6ε₀) ló ń gba ojú kọ̀ọ̀kan jáde, nítorí kò sí ojú tó yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí n kò lè ṣe ni láti ti ibẹ̀ sọ iye pápá lórí ojú yẹn, torí pé pápá tó wà ní igun àpótí jẹ́ ìdá mẹ́ta péré nínú èyí tó wà ní àárín ojú. Mo mọ àròpọ̀, n kò mọ bó ṣe pín. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ náà ń bá akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ gan-an nìyẹn.

Èkejì, pé ọ̀pá rí bákan náà yíká kò tó láti lé apá tó yí po bí òrùka jáde. Ẹ ya ọfà kéékèèké yí ọ̀pá ká, kí gbogbo wọn máa tẹ̀lé ara wọn ní ìhà kan náà bí ẹni ń sáré yí pápá ìṣeré ká. Bí ẹ bá yí ọ̀pá náà lójú kan pẹ̀lú àwọn ọfà rẹ̀, àwòrán náà kò ní yí padà rárá. Símẹ́tírì tí ẹ dárúkọ gbà á láàyè. Ìdajì òbírí ni kò gbà á. Ẹlòmíràn lè lo dígí tó la ọ̀pá àti P kọjá, yóò sì gbé e débẹ̀ bákan náà.

Oníwáyà kọ̀wé:

Mo ń ṣiṣẹ́ wáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ẹ ń sọ yìí kò bá ohun tí ojú mi rí mu. Bí ẹ bá gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í nà kúrò lára wáyà, ṣe ló máa ń fẹ́ yí wáyà náà po. Òrùka tí olùkọ́ ní òdo ni gan-an nìyẹn. Ta ló wá tọ̀nà nínú wa?

Àgbà-Yàrá-Àyẹ̀wò kọ̀wé:

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà, nítorí kì í ṣe pápá kan náà lẹ ń sọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ṣáájì tó dúró, tiyín ni iná tó ń ṣàn, pápá òòfà sì ni kọ́ńpáàsì ń wò. Ẹ tún ìdajì òbírí yẹn ṣe fún wáyà yín, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: òsì di ọ̀tún, iná tó ń ṣàn lọ wá ń ṣàn bọ̀. Ẹni tó dijú yóò mọ̀. Nítorí náà kì í ṣe símẹ́tírì fún wáyà tí iná ń gbà kọjá, kò sì ní agbára láti lé òrùka jáde. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ẹ óò rí i pé pápá òòfà gbọ́dọ̀ yí sí òdì nígbà tí iná bá yí sí òdì, èyí sì lé apá tó ń sá kúrò lára wáyà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé dígí lọ síbẹ̀ láìmúra, nítorí pápá òòfà kì í hùwà bí ọfà lásán nínú dígí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ọdún-Kejì kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbìyànjú iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé símẹ́tírì kankan kò kù, nítorí bí mo bá yí ọ̀pá ní ìdajì òbírí lórí okùn tó ti P wá bá orí rẹ̀, ọ̀pá náà yóò bọ́ sí ìhà kejì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dígí tí àgbà sọ ni mo wá rí i pé dígí tó la ọ̀pá àti P kọjá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó lé òrùka jáde, kò lé èkejì. Nítorí náà apá méjì ni mo ní láti wá, kì í ṣe ẹyọ kan.

Mo gé ọ̀pá sí wẹ́wẹ́, mo ro ó pọ̀. Apá tó ń sá kúrò lára ọ̀pá jẹ́ 1610 N/C. Apá tó ń bá ọ̀pá rìn ní gígùn jẹ́ 995 N/C, ó sì kọjú síta, ó ń sá fún ìhà tí ọ̀pá wà. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí n kò ní ìdáhùn tí mo lè fi wé e. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó tọ́?

Ìbéèrè-Kan-Síi kọ̀wé:

Àbúrò, o ní ohun tí o lè fi wé e. Fojú inú wo ọ̀pá kejì tó jọ tìrẹ gẹ́lẹ́, kí o so ó mọ́ tìrẹ ní ọ̀gangan P. Ó ti di ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 40 tó ní 8 nC, P sì ti di àárín rẹ̀. Ìdajì òbírí padà dé. Apá tó ń bá ọ̀pá rìn láti ọ̀tún àti èyí tó wá láti òsì yóò pa ara wọn, 995 kọjú sí 995, èyí tó ń sá kúrò yóò sì di ìlọ́po méjì 1610, ìyẹn 3220. Fi fọ́múlà àárín tí olùkọ́ fún ọ ṣe é fún L = 0.4 m àti 8 nC. Mo ṣe é tèmi, 3220 N/C náà ló jáde.

Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé 1610 nìkan ni àyẹ̀wò yìí jẹ́rìí sí. Ohunkóhun tí ì bá jẹ́ iye 995 yẹn, yóò pa ara rẹ̀ bákan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ọdún-Kejì kọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an. Fún 995, mo fi P sí ibi tó jìnnà gan-an, mo sì rí i pé apá yẹn ń kéré sí i ju èyí tó ń sá kúrò lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí bí ọ̀pá bá ti ń di ẹ̀kán. N kò tíì mọ̀ bóyá ìyẹn tó.

Ìlànà-Mẹ́ta kọ̀wé:

Mo gba ti òrùka, Àgbà. Mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdajì òtítọ́ láti ọjọ́ yìí.

Oníwáyà kọ̀wé:

Mo ní ìbéèrè kan sí i, kò sì kan òòfà mọ́. Ẹ ń sọ ọ̀pá oníke tí ṣáájì rẹ̀ tẹ́ dọ́gba. Ohun tó wà lọ́wọ́ tèmi ni ọ̀pá irin, ṣáájì inú irin kì í sì í jókòó síbi tí ẹ fi í sí. Wọ́n máa ń lé ara wọn lọ sí orí àti ìdí. Ṣé 2546 yẹn ṣì dúró?

Àgbà-Yàrá-Àyẹ̀wò kọ̀wé:

Rárá, iye náà kò dúró, ṣùgbọ́n ìhà tí pápá kọjú sí dúró. Bí ọ̀pá irin náà bá dá wà, tí kò sí ọwọ́ tàbí tábìlì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yí i ní ìdajì òbírí: ṣáájì tó pọ̀ lórí ṣì pọ̀ lórí, èyí tó pọ̀ nídìí ṣì pọ̀ nídìí. Símẹ́tírì náà wà níbẹ̀, láìka bí ṣáájì ṣe pín sí. Ní ti iye, ó máa kéré ju ti oníke lọ ní ọ̀gangan àárín, nítorí pé apá kan ṣáájì náà ti jìnnà sí P. Bí ẹ bá sì na ọwọ́ sún mọ́ ọ̀kan nínú orí rẹ̀, gbogbo ohun tí mo sọ yìí dà nù, nítorí ọwọ́ yín ti wọ inú okùnfà.

Ìbéèrè-Kan-Síi kọ̀wé:

Mo fẹ́ tako ìyẹn díẹ̀. Bí irin náà kò bá jẹ́ sílíńdà, tó jẹ́ pé ṣe ló tínrín lọ sí orí àti ìdí bí ẹyin tí wọ́n fà gùn, ṣáájì tó wà nínú gígùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń dọ́gba gẹ́lẹ́, bó ti wù kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Bí a bá wá jẹ́ kí irú irin bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dé ibi tí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti wáyà lásán mọ́, kí ló dé tí ti wáyà kò fi ní dọ́gba pẹ̀lú?

Àgbà-Yàrá-Àyẹ̀wò kọ̀wé:

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín lórí èyí tó rí bí ẹyin. Fún sílíńdà, ohun tí mo mọ̀ ni pé bó ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni pípín náà ń sún mọ́ dídọ́gba, ṣùgbọ́n ó ń fà á ní ìlọ́ra tó pọ̀. Wáyà tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́wọ́ kò tíì débẹ̀, àkójọ kan ṣì máa ń wà ní orí rẹ̀. Símẹ́tírì kò lè dá ẹjọ́ yìí láàárín àwa méjì, nítorí ìrísí méjèèjì ní símẹ́tírì kan náà.

Oníwáyà kọ̀wé:

Ẹ jẹ́ kí n gé wáyà méjì kí n wọ̀n wọ́n. Bí mo bá rí nǹkan, màá padà wá sọ.